Àwọ̀ Pupa Tó Kọ̀ Tí Kò Yọ: Bí A Ṣe Ń Fi Fàdákà Wọn Iyọ̀ Inú Omi

Ìgò omi méjì ló wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, inú kànga kan náà ni wọ́n sì ti fa omi inú àwọn méjèèjì. Kànga ẹ̀rọ ni, apá Lẹ́kí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kò jìnnà sí etí òkun rárá. Ìdílé tó ni ín sọ pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi náà ti ń ní itọ́wò iyọ̀ lẹ́nu, pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ mọ́, pé ìdè irin tó so páìpù wọn pọ̀ sì ti ń dógùn-ún. Wọ́n fẹ́ mọ bí iyọ̀ náà ti pọ̀ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ ni mí nígbà náà, iṣẹ́ yìí sì ni wọ́n gbé fún mi.

Mo mú ìgò àkọ́kọ́, mo wọn mílílítà 25 nínú rẹ̀ sínú fúláásìkì, mo fi omi dísítíìlì kún un títí ó fi di 100. Mo kán mílílítà kan pọtásíọ̀mù kíróméètì sí i. Mo gbé e sábẹ́ bùrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gíláàsì gígùn tóóró tó ní ẹnu ìṣí nísàlẹ̀, tí mo ti rọ fàdákà náítíréètì kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán an. Omi náà funfun, ó ṣú bí ìgbà tí ènìyàn bá po ògì mọ́ omi. Mo ń mi fúláásìkì, mo ń retí àwọ̀ pupa tí yóò sọ fún mi pé ó ti tó. Mílílítà 20 lọ, kò sí pupa. Ọgbọ̀n lọ. Ogójì lọ. Bùrẹ́ẹ̀tì náà gbẹ ní 50, àwọ̀ inú fúláásìkì kò sì yí padà. Mo ti dìde láti lọ rọ òmíràn kún un nígbà tí ọ̀gá mi dé ẹ̀yìn mi.

Ó ní, “Dúró ná. Kí ni àwọ̀ omi yẹn nígbà tí o kán kíróméètì sí i?”

Mo ní, “Ó dà bí àwọ̀ ọsàn, mà.”

Ó ní, “Ṣé bí ọsàn ló yẹ kó rí?”

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé rọ̀ mọ́. Kí a tó dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí fàdákà ń ṣe nínú fúláásìkì náà gan-an.

Iyọ̀ ọbẹ̀ jẹ́ èròjà méjì tó so pọ̀, sódíọ̀mù àti kílóráìdì. Bó bá ti yòrò nínú omi, àwọn méjèèjì a pínyà, kálukú a máa rìn tirẹ̀. Kílóráìdì ni a ń wọn. Òun ni òkun fi ń hàn nínú omi kànga, nítorí pé lítà kan omi òkun ní tó mílígíráàmù 19,000 kílóráìdì, nígbà tí omi kànga tó dára máa ń ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fún omi mímu fi òpin kílóráìdì sí mílígíráàmù 250 nínú lítà kan. Kì í ṣe pé ó di májèlé bó bá kọjá ibẹ̀. Itọ́wò ni ó ń bàjẹ́, ó sì ń jẹ irin.

Fàdákà náítíréètì náà dà bí iyọ̀ lójú. Bó bá yòrò nínú omi, fàdákà inú rẹ̀ náà a di olómìnira, ṣùgbọ́n kò lè rí kílóráìdì kó má so mọ́ ọn. Ọ̀kan so mọ́ ọ̀kan ni. Ohun tí wọ́n jọ dì kì í yòrò, ìdí nìyẹn tí omi fi ń ṣú tó sì ń di funfun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun a sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí a bá mọ iye fàdákà tí a kán sí i kí kílóráìdì tó tán, a ti mọ iye kílóráìdì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ohun tó le ni láti mọ ìgbà tó tán.

Ní ọdún 1832, Gay-Lussac, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo irú ọ̀nà yìí láti mọ iye fàdákà tó wà nínú owó ẹyọ. Òun ń da omi iyọ̀ sínú fàdákà, á mì í, á jẹ́ kó tòrò, á tún kán díẹ̀ sí i, á wò ó bóyá ó ṣì ń ṣú. Ìgbà tí kò bá ṣú mọ́, ó ti tán. Ó péye, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù púpọ̀. Ẹni tó gé e kúrú ni Karl Friedrich Mohr, apòògùn ará ìlú Koblenz ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1856 ó kọ̀wé pé bí a bá fi kíróméètì díẹ̀ sínú omi tí a fẹ́ wọn, kíróméètì náà yóò fi àwọ̀ sọ fún wa pé kílóráìdì ti tán. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ọ̀nà náà títí dòní.

Kíróméètì fúnra rẹ̀ ní àwọ̀ bí ìyeyè tó pọ́n. Òun náà lè so mọ́ fàdákà, ohun tí wọ́n bá sì jọ dì a máa pupa bí bíríkì. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò béèrè pé, kí ló dé tí kò fi pupa láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí fàdákà, kílóráìdì àti kíróméètì jọ wà nínú fúláásìkì kan náà?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iye fàdákà olómìnira tí kálukú wọn ń fẹ́ kí ó tó lè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kílóráìdì kò béèrè púpọ̀. Bí fàdákà tó kéré jù lọ bá wọlé, ó ti gbé e mì. Kíróméètì ní tirẹ̀ ń fẹ́ fàdákà méjì fún ẹyọ kan, kò sì lè dì àfi kí fàdákà tó ń rìn lómìnira nínú omi ti pọ̀ tó iye kan. Nínú fúláásìkì tí mo ń sọ yìí, iye fàdákà olómìnira tí kíróméètì nílò ju èyí tí kílóráìdì nílò ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí kílóráìdì bá ṣì wà, kò ní jẹ́ kí fàdákà kankan rìn lómìnira tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá kàn án, ẹ ó rí pupa fìrí níbi tó bọ́ sí, nítorí pé fàdákà pọ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá mì ín, pupa náà á parẹ́, kílóráìdì á gba fàdákà rẹ̀ lọ́wọ́ kíróméètì. Ìgbà tí kílóráìdì bá tán ni ẹ̀kán tó tẹ̀lé e kò ní rí ẹni tí yóò gbà á. Fàdákà á gòkè, kíróméètì á dì, omi tó rí bí ìyeyè á wá ní pupa díẹ̀ nínú, bí àwọ̀ ara ìpára. Ibẹ̀ ni kí ọwọ́ dúró. Ẹ má dúró de ìgbà tí yóò pupa bí bíríkì. Tó bá ti pupa tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti kọjá ààyè.

Ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ dá lórí bí kíróméètì ti pọ̀ tó nínú omi náà. Mílílítà kan tí a wọn láti inú omi kíróméètì oní-márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń fi sínú mílílítà 100. A wọn ọ́n bẹ́ẹ̀ kí àwọ̀ pupa lè yọ ní kété tí kílóráìdì bá tán, kó má yá jù, kó má pẹ́ jù. Bí nǹkan bá wá jẹ lára kíróméètì yẹn láìjẹ́ pé a mọ̀, ìwọ̀n wa ti bàjẹ́. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ ni ásíìdì.

Ẹ jẹ́ kí n pàdé yín níbi tí gbogbo wa ti mọ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú kì í kan, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni káún. Ohun tó ń kan ni a ń pè ní ásíìdì, èyí tó dà bí omi eérú ni álíkálì. Nọ́ńbà tí a fi ń wọn ìyàtọ̀ wọn ni pH. Méje ni agbede méjì, tí kò kan tí kò sì yọ̀. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀ láti méje, kíkan ló ń pọ̀ sí i, bó bá ń gòkè, álíkálì ló ń pọ̀ sí i. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà pH 4 kan ju pH 5 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ohun tó ń mú ásíìdì kan ni háídírójìn tó ń rìn lómìnira nínú omi. Kíróméètì kò lè rí háídírójìn yẹn kó má gbà á mọ́ra. Bó bá ti gbà á, ó ti di nǹkan mìíràn, ara rẹ̀ a sì tún máa so pọ̀ ní méjì-méjì láti di dáíkíróméètì:

2CrO₄²⁻ + 2H⁺ ⇌ Cr₂O₇²⁻ + H₂O

Àwọ̀ àwọn ọmọ tuntun yìí kì í ṣe ti ìyeyè mọ́. Àwọ̀ ọsàn ni. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn kò lè ṣe iṣẹ́ kíróméètì. Bí fàdákà bá so mọ́ dáíkíróméètì, yíyòrò ni yóò máa yòrò, kò ní tètè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa. Gbogbo ohun tí mo kán sínú fúláásìkì ṣì wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò sọnù, ṣùgbọ́n ó ti wọ aṣọ mìíràn, kò sì lè dá fàdákà lóhùn.

Ní nǹkan bí pH 6.5, ìdajì kíróméètì ló ti yí padà. Ní pH 5, mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ní pH 4, mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Bí kíróméètì bá sì ti ń dínkù báyìí, fàdákà olómìnira tí a nílò kí pupa tó yọ ń pọ̀ sí i, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta fún ìgbésẹ̀ pH kọ̀ọ̀kan. Fàdákà yẹn kò ní kílóráìdì tó ń bá a lọ. Àwa ló ń fi ṣòfò, a sì ń kà á mọ́ kílóráìdì. Ìdí nìyẹn tí ásíìdì fi máa ń jẹ́ kí èsì ga ju òótọ́ lọ.

Ọ̀gá mi yí ìgò náà padà fún mi. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti fi bírò kọ HNO₃ síbẹ̀. Náítíríìkì ásíìdì ni. Bí wọ́n bá fẹ́ wá irin, òjé tàbí bàbà nínú omi kànga, wọ́n máa ń kán ásíìdì yìí sínú ìgò létí kànga níbẹ̀ títí pH yóò fi bọ́ sábẹ́ 2, kí àwọn irin náà má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìgò tí a fẹ́ fi wá kílóráìdì kò nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ìgò méjì wá, ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún kílóráìdì. Èyí tí wọ́n kó wá fún irin ni mo mú.

Nínú omi tó kan tó bẹ́ẹ̀, kíróméètì gidi tó kù kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá. Ká ní mo rọ bùrẹ́ẹ̀tì mìíràn kún un, mi ò bá tún máa kán an lórí asán. Kò sí ìwọ̀nba fàdákà tó lè fa pupa jáde níbẹ̀ ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ewu tó pọ̀ jù. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó bá máa ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìgò tó kan púpọ̀ ń tú ara rẹ̀ fó, nítorí pé àwọ̀ kò yọ. Ìgò tó kan díẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí omi inú fúláásìkì bá dúró sí pH 5 lẹ́yìn tí kíróméètì ti wọ inú rẹ̀, pupa yóò yọ, ẹ ó sì rò pé gbogbo nǹkan lọ déédéé. Ṣùgbọ́n yóò ti pẹ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílílítà. Nínú ìwọ̀n tí mo ń ṣe yìí, ìyẹn fi nǹkan bí mílígíráàmù 15 lé èsì lítà kan. Kànga tó wà ní 240, tó yẹ kó yege, yóò jáde ní 255, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Ọ̀pọ̀ omi kànga inú iyanrìn etí òkun Èkó ló sì ń kan díẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá, nítorí gáàsì kábọ́ọ̀nù dáíọ́kísáìdì tó yòrò sínú rẹ̀. Omi tí ẹnikẹ́ni kò kán ásíìdì sí náà nílò kí a wọn pH rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wa. Sódíọ̀mù báíkábónéètì, ìyẹn sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ni a máa ń fi ọwọ́ fún díẹ̀ sínú fúláásìkì. Yóò hó, yóò tu gáàsì, ásíìdì yóò sì tán. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn nǹkan mìíràn lọ ni pé bí ọwọ́ bá tiẹ̀ ṣèèṣì fi púpọ̀ sí i, pH kò ní kọjá nǹkan bí 8 àti díẹ̀. Kò lè gbé wa láti inú ìkan lọ jù wá sí ìdí álíkálì. Bí a bá lo sódà kọ́sítíìkì, ẹ̀kán kan tó lé lè gbé wa débẹ̀.

Ìdí álíkálì náà ní ìyà tirẹ̀. Mo rí i lọ́dún kan náà, nínú omi tí wọ́n bù láti inú táńkì kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Sìmẹ́ńtì tuntun ń tú ẹfun sínú omi, pH omi táńkì náà sì ti kọjá 11. Nígbà tí mo kán fàdákà sí i, ohun tó ń jáde kò funfun dáadáa, ó ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú, ó ń dúdú rúsúrúsú níbi tí ẹ̀kán bá ti bọ́. Nínú omi bẹ́ẹ̀, ọ́kísíjìn àti háídírójìn tó so pọ̀, tí a ń kọ báyìí pé OH⁻, pọ̀ rẹpẹtẹ, òun náà sì ń fẹ́ fàdákà:

2Ag⁺ + 2OH⁻ → Ag₂O + H₂O

Fàdákà ọ́kísáìdì dúdú yìí ń jẹ fàdákà tí a ń kà, ó sì ń fi àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ bo àwọ̀ tí a ń wá. Bí kò bá ṣe pé ojú ẹni mọ ohun tó ń wò, ẹni náà lè rí àwọ̀ ilẹ̀ yẹn kó ní pupa ti dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ààyè iṣẹ́ yìí sí pH 7 sí 10.

Omi álíkálì la ń fi ásíìdì dá padà, níbí gan-an sì ni àṣìṣe kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó dàgbà jù mí lọ. Ásíìdì tó sún mọ́ ọwọ́ jù lọ lórí pẹpẹ ni háídíróklórìkì, HCl. Kílóráìdì ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo láti inú èyí tó jẹ́ mólì kan nínú lítà ń gbé nǹkan bí mílígíráàmù 1.8 kílóráìdì wọlé. Lórí mílílítà 25 omi kànga, ìyẹn tó mílígíráàmù 70 nínú lítà kan, tí a fi ọwọ́ ara wa fi kún ohun tí a ń wọn. Náítíríìkì ásíìdì tí a ti là ni kí a lò, kí a kán an díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi báíkábónéètì parí rẹ̀.

Omi tó wà nítòsí ṣaláńgá tún fẹ́ ìṣọ́ra kan sí i. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ máa ń fi àmóníọ̀mù sínú ilẹ̀. Nínú omi tó kan díẹ̀ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí pH bá ti gòkè, ó ń di àmóníà, àmóníà sì ń di fàdákà mú láìjẹ́ kó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Fún irú omi bẹ́ẹ̀, ààyè a kéré gan-an, láti 6.5 sí nǹkan bí 7.2, báíkábónéètì ọwọ́ fúnfún kò sì tó mọ́. Ẹni náà ní láti fi ẹ̀rọ pH tó ọ̀nà rẹ̀.

Mo padà sórí pẹpẹ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fàdákà fúnra rẹ̀. Gíráàmù 2.395 fàdákà náítíréètì nínú lítà kan omi ni a ń lò, inú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ló sì ń gbé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń sọ ọ́ di dúdú. Bí ó bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni àbàwọ́n dúdú á yọ, ó sì ń lo ọjọ́ púpọ̀ kó tó bó kúrò. Láti mọ̀ pé agbára rẹ̀ ṣì pé, a ń yọ iyọ̀ tó mọ́, tí a ti gbẹ nínú ààrò, gíráàmù 0.824 nínú lítà kan. Mílílítà mẹ́wàá omi iyọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gba mílílítà mẹ́wàá fàdákà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí àwọ̀ pupa nìkan ń gbà.

Ìwọ̀nba yẹn ni mo wọn tẹ̀ lé e. Mo fi omi dísítíìlì lásán, mílílítà 100, sínú fúláásìkì, mo fi kíróméètì àti báíkábónéètì sí i bí mo ṣe máa fi sí ti omi kànga, mo kán fàdákà títí àwọ̀ ara ìpára yẹn fi yọ. Ó gba 0.2. Kò sí kílóráìdì níbẹ̀, fàdákà yìí kàn jẹ́ owó tí kíróméètì ń gbà kó tó sọ̀rọ̀. A ní láti yọ ọ́ kúrò nínú èsì gbogbo. Mo tún fi fúláásìkì yẹn sí ẹ̀gbẹ́, kí n lè máa fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìgò kejì, tí wọn kò kán ásíìdì sí, ní pH 5.8. Mo wọn mílílítà 25, mo là á sí 100, mo fi báíkábónéètì fún un, ó dé 8. Mo kán kíróméètì sí i. Àwọ̀ ìyeyè ni, kì í ṣe ọsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán fàdákà, mo ń mi fúláásìkì láìdúró, mo gbé e kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, nítorí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun yẹn máa ń di bí àwọ̀ àlùkò bí oòrùn bá pa á, ojú a sì máa rú. Láti 18 lọ ni pupa ti ń pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́. Mo wá ń kán an lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ní 20.6 ó dúró, kò parẹ́ mọ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ 20.5 àti 20.7.

Ìṣirò rẹ̀ rí báyìí. Mo yọ 0.2 kúrò nínú 20.6, ó ku 20.4. Mílílítà kọ̀ọ̀kan fàdákà wa ń mú ìdajì mílígíráàmù kílóráìdì, nítorí náà mílígíráàmù 10.2 ló wà nínú mílílítà 25. Nínú lítà kan, tó jẹ́ ogójì ìlọ́po 25, ó di 408.

408 ju òpin 250 lọ dáadáa. Bí a bá fi wé omi òkun, ó jẹ́ bí ẹni pé lítà méjì omi òkun wọ inú ọgọ́rùn-ún lítà omi kànga. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì máa ń rí létí òkun. Omi dídùn léfòó lórí omi iyọ̀ nínú iyanrìn abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú. Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi láti òwúrọ̀ di alẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kò rọ̀ láti rọ́pò rẹ̀, omi iyọ̀ ìsàlẹ̀ a máa gòkè tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n da ìgò ásíìdì nù. Ó ní kí n padà sórí rẹ̀. Mo wọn mílílítà 25 mìíràn, mo là á, mo fi báíkábónéètì sí i díẹ̀díẹ̀. Ó hó gan-an, ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dákẹ́. Mo fi ẹ̀rọ pH yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ́ 7.9. Mo kán kíróméètì sí i, ó rí bí ìyeyè. Nígbà tí mo kán fàdákà, pupa dúró ní 20.7.

Iye fàdákà tí bùrẹ́ẹ̀tì odindi kan kò lè fi hàn lówùúrọ̀ ló fi ara rẹ̀ hàn báyìí ní 20.7, láìjẹ́ pé kílóráìdì inú ìgò yẹn yí padà. Náítíríìkì ásíìdì kò fi kílóráìdì kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Àwọ̀ kíróméètì nìkan ló gbà. Ọ̀nà kan tiẹ̀ wà tí a lè gbà wọn kílóráìdì nínú ásíìdì láìtún un ṣe, Jacob Volhard ló kọ́ wa ní 1874. Kò lo kíróméètì rárá, irin ni atọ́ka tirẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí omi kan ni. Ṣùgbọ́n ó ń gba ìwọ̀n méjì dípò ọ̀kan, fún omi kànga lásán mo gbà pé kí a tún pH ṣe ló rọrùn jù.

Ohun tó kù ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn fúláásìkì. Kíróméètì lè fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, a kì í sì dà á sí gọ́tà. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ orúkọ fàdákà àti kíróméètì sí lára, tí àwọn tó ń gba irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ máa ń wá gbé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi mú bírò pupa, ó kọ HNO₃ tuntun sí iwájú ìgò náà, ní ibi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ bọ́ sí, ó sì gbé e lọ sórí pẹpẹ àwọn irin.